Mọ́tọ̀ pọ́ǹpù kejì tó ń tírípù: àkọsílẹ̀ fún ẹni tó ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ibùdó yìí lọ́wọ́ mi, ìwé ńlá wà lórí tábìlì. Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ pọ́ǹpù kìíní, jẹnẹrétọ̀ àti dísù ló wà nínú rẹ̀, wọn ò ní da yín láàmú. Pọ́ǹpù kejì ni mo fẹ́ kọ sọ́tọ̀, torí òun ni yóò máa jí yín lóru. Ohun tó ń ṣe é kì í ṣe ẹyọ kan. Àrùn méjì ló wọ̀ ọ́ lára, àmì kan náà ni méjèèjì sì ń fi hàn: rílèè ofalóòdù á já, mọ́tọ̀ á dúró, iná pupa á tàn lójú pánẹ́ẹ̀lì. Ọ̀kan ti lọ. Èkejì ṣì wà, ìkáwọ́ wa nìkan kọ́ ni òpin rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe yẹ kó rí nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Kílówáàtì 75 ni mọ́tọ̀ náà, fóòtì 415. Áńpíà 134 ni wọ́n kọ sára àwo rẹ̀, ìyẹn ni òpin ohun tí wáyà inú rẹ̀ lè gbé lójoojúmọ́. Sítáà-dẹ́lítà la fi ń tan án, nítorí náà kì í ṣe gbogbo áńpíà tó ń bọ̀ láti òpó iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pupa, yẹ́lò àti búlúù, ló ń gba inú rílèè kọjá, nǹkan bí ìdá 58 nínú 100 ni. Ìdí nìyẹn tí ojú rílèè fi wà ní 78. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó rí 134 lára mọ́tọ̀ tó sì rí 78 lójú rílèè, lè rò pé ẹnì kan ló ṣì í yí. Kò sẹ́ni tó ṣì í yí o. Lọ́sàn-án tí iná bá dára, ẹ ó rí áńpíà bíi 128 lórí òpó kọ̀ọ̀kan, géèjì ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà jáde á wà ní báà 5.2, omi tó ń lọ sókè á sì tó kúbíìkì mítà 350 ní wákàtí kan.

Nígbà tí mo dé ibí, 92 ni mo bá lójú rílèè náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú ti ń yí i sókè díẹ̀díẹ̀ kí ìyọnu lè dínkù, ó sì dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdẹ tó ń pariwo olè ni wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu. Ẹ ṣí ìdérí àpótí wáyà ẹ̀gbẹ́ mọ́tọ̀, ẹ ó rí ohun tó fà. Awọ tó bo àwọn wáyà tó ń ti inú jáde ti pọ́n dúdú, ó ti gan, tí ẹ bá fi èékánná tẹ̀ ẹ́, á hó bí èèpo. Òórùn fáníìṣì tó jóná ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Mo fi mẹ́gà onífóòtì 500 wọn wáyà náà sí ara irin, mo rí mẹ́gà-óòmù 40. Ìwé àtijọ́ fi hàn pé ó ti ju 200 lọ rí. 40 kò tíì burú, torí 5 ni ààlà tí a kì í fẹ́ kí irú mọ́tọ̀ yìí lọ sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà kò dára. Ìṣirò tí gbogbo rìwáńdà mọ̀ ni pé bí wáyà bá fi ìwọ̀n ooru 10 gbóná ju ibi tí wọ́n dá a sí lọ, ọjọ́ ayé awọ rẹ̀ á dín sí ìdajì. Mo dá rílèè padà sí 78 lọ́jọ́ náà. Mo tún rí i pé wọ́n ti yí bọ́tìnì ìdápadà rẹ̀ sí ti aládàáṣe, tó túmọ̀ sí pé lẹ́yìn tó bá tírípù, tó bá ti tutù díẹ̀, ó ti ṣe tán láti gba mọ́tọ̀ láàyè kó tún gbéra. Mo yí i padà sí ti ọwọ́. Ẹ fi í síbẹ̀.

Kété tí mo dá a padà sí 78, ìtírípù náà padà dé gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kó dé, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀.

Asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ odò ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ nàka sí. Lóòótọ́ ni ewéko odò máa ń bò ó, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá, ọ̀gá àtúnṣe sì gbà pé bí asẹ́ bá dí, pọ́ǹpù á máa tiraka, mọ́tọ̀ á sì gba áńpíà púpọ̀. A ránṣẹ́ sí àwọn òmùwẹ̀, wọ́n ko ewéko kúrò, mọ́tọ̀ sì ṣe dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Èmi ò gbà. Pọ́ǹpù tiwa, tó ń fi yíyí ju omi síta, omi tó bá ń gbé ló ń wúwo fún un. Bí omi tó ń wọlé bá dínkù, ẹrù rẹ̀ á fúyẹ́, áńpíà á lọ sílẹ̀. Mo ní kí ọ̀gá wá dúró ti pánẹ́ẹ̀lì, mo rọra ti fáàfù ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà jáde pa díẹ̀díẹ̀, kíláńpù mítà sì ń sọ̀kalẹ̀ lójú wa: 128, 121, 113. Wọn ò bá mi jiyàn mọ́. Nítorí náà, tí asẹ́ bá dí, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́nà mìíràn: abẹ́rẹ́ géèjì á máa gbọ̀n, áńpíà á wálẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ bí ẹni pé òkúta wẹ́wẹ́ ń yí nínú irin. Òdìkejì rẹ̀ lẹ máa bẹ̀rù. Bí páìpù ńlá bá bẹ́ níbì kan lójú ọ̀nà, géèjì á já wálẹ̀, omi á ya gbùúù, áńpíà á gòkè. Tí mọ́tọ̀ bá tírípù tí géèjì sì ti wà ní báà 4 kó tó kú, ojú páìpù ni kẹ́ ẹ wá lọ, kì í ṣe ìsàlẹ̀ odò.

Wọ́n tún pààrọ̀ bíárìn méjèèjì. Ó ti tó àkókò tẹ́lẹ̀, ariwo ti ń ti ibẹ̀ jáde, kò sì dí ìtírípù lọ́wọ́ rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni rílèè tuntun. Ẹni tó wá ṣe é yọ ti àtijọ́, ó ní orí rẹ̀ ti gbó, ó fi tuntun sí i, mọ́tọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀, débi pé a kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ ni mo wá fa ìlà tuntun sínú ìwé: aago tó tírípù, iná tó ń lò nígbà náà, bóyá ti ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀, àti áńpíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a rí kẹ́yìn. Ìlà yẹn ló tú àṣírí. Ìtírípù ọ̀sán máa ń dé yálà jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e tàbí iná ìjọba, áńpíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì dọ́gba, tí kò sí èyí tó kọjá 134. Ìtírípù alẹ́, láti nǹkan bí aago méje sí mọ́kànlá, iná ìjọba nìkan ló ń ṣe é. Ohun méjì nìyẹn. Gbogbo àtúnṣe tí a ti ṣe ló ń dà bíi pé ó ṣiṣẹ́, torí tí ọ̀kan bá sinmi díẹ̀, a ó rò pé méjèèjì ló lọ.

Mo kọ́kọ́ gbá ti ọ̀sán mú. Rílèè tó ń já nígbà tí áńpíà kò kọjá ààlà rẹ̀, ooru ló gbọ́dọ̀ ti ibòmíràn wọ inú rẹ̀, torí irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀, tó ń tẹ̀ bí ó bá ti gbóná, ni ọkàn rílèè. Irin yẹn kò mọ̀ bóyá áńpíà ló mú un gbóná tàbí ẹnu wáyà tí kò le dáadáa. Mo dojú ìbọn tó ń wọn ooru kọ àwọn ẹnu wáyà tó jáde nísàlẹ̀ rílèè nígbà tí mọ́tọ̀ ń ṣiṣẹ́. Pupa àti yẹ́lò wà ní ìwọ̀n 52 sí 54. Búlúù wà ní 94. A pa iná, a tú u. Lọ́ọ̀gì kọ́pà ni wọ́n fi di kébù alúmínì! Alúmínì máa ń rọ̀ lábẹ́ bóòtù, á máa fẹ́ tí ó bá gbóná, á máa sún tí ó bá tutù, títí dídì náà yóò fi tú díẹ̀díẹ̀. Ìpẹtà funfun kan tí kì í gba iná kọjá á sì bò ó lójú. Ìdí rèé tí rílèè tuntun fi dà bí ìwòsàn: ẹni tó fi í sí i tún bóòtù náà le ni, kò sì sí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. A gé orí kébù tó ti jó kúrò, a fi lọ́ọ̀gì aláwọ̀ méjì sí gbogbo òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí ìdí rẹ̀ jẹ́ alúmínì tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ kọ́pà, a fi gírísì rẹ̀ pa á kí a tó tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, kò tíì tírípù lọ́sàn-án mọ́. Ẹ máa yin ìbọn ooru sí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ẹ sì fi òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra. Ìyàtọ̀ àárín wọn lẹ ó máa wò. Bí gbogbo wọn bá jọ gbóná, mọ́tọ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Ti alẹ́ wá kù. Mo dúró títí aago mẹ́jọ, mo wọn fóòtì láàárín òpó sí òpó nígbà tí mọ́tọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́, torí fóòtì mọ́tọ̀ tó dúró máa ń tan ni jẹ. Pupa sí yẹ́lò jẹ́ 402. Yẹ́lò sí búlúù jẹ́ 377. Búlúù sí pupa jẹ́ 396. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà wọ̀nyí lè ní kò burú, ṣebí ó lé ní 370. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe kéré ló ń pa mọ́tọ̀, bí wọn ò ṣe dọ́gba ni. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta, ẹ wo èyí tó jìnnà jù sí àárín, ẹ fi àárín pín ìjìnnà náà.

```
(402 + 377 + 396) / 3 = 391.67
391.67 - 377 = 14.67
14.67 / 391.67 x 100 = 3.7 %
```

Ìdá 3.7 nínú 100 péré, àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣe sí áńpíà: pupa 166, yẹ́lò 111, búlúù 139. Àárín wọn jẹ́ 139, yẹ́lò sì fi 28 jìnnà sí i, ìyẹn ìdá 20 nínú 100. Ìyàtọ̀ kékeré nínú fóòtì máa ń di ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá nínú áńpíà. Nínú rílèè, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa gbé tó 95 nígbà tí a yí i sí 78, ó sì yẹ kó já láàárín wákàtí méjì. Bó ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé àárín yẹ́lò àti búlúù ni fóòtì ti kéré jù, síbẹ̀ pupa ni áńpíà rẹ̀ ga jù. Ẹni tó bá ń wá àléébù níbi tí áńpíà ti ga yóò máa tú wáyà tí kò ṣe nǹkan kan.

Rìwáńdà kan wò ó, ó ní mọ́tọ̀ ló ti jó nínú, kí a gbé e wá kí òun yí wáyà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Owó ńlá ni, oṣù kan ni kò sì ní sí pọ́ǹpù kejì. Mo ní kó dúró, ọ̀nà kan wà tí a fi ń bi mọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ léèrè. A pa iná, a fi kọ́kọ́rọ́ ti súwíìsì ńlá, a fi mítà rí i dájú pé kò sí iná lórí ẹnu wáyà kankan. Lẹ́yìn náà a sún wáyà mẹ́ta tó ń wọ súwíìsì mọ́tọ̀ síwájú ní àyè kọ̀ọ̀kan: pupa lọ sí àyè yẹ́lò, yẹ́lò lọ sí àyè búlúù, búlúù yí padà sí àyè pupa. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ sún. Tó bá jẹ́ méjì péré lẹ pààrọ̀, mọ́tọ̀ á máa yí sẹ́yìn. A tan án, a tún wọ̀n ọ́ ní nǹkan bí aago kan náà. Bí áńpíà gíga bá dúró sórí ẹsẹ̀ mọ́tọ̀ tó wà tẹ́lẹ̀, mọ́tọ̀ ló ń ṣàìsàn. Bó bá tẹ̀lé wáyà tó ti òde wá, òde ni àìsàn náà ti wá. Ó tẹ̀lé wáyà pupa ti òde wọ àyè tuntun, 164. A dá wáyà padà sí ipò wọn, rìwáńdà sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Òde yẹn, tiransifọ́mà tí a ń pín pẹ̀lú àdúgbò ni. Òṣùwọ̀n rẹ̀ tó, kì í ṣe pé ó kéré. Bí wọ́n ṣe pín àwọn ilé sórí òpó rẹ̀ ni kò dọ́gba, nírọ̀lẹ́ tí fíríìjì, eésì àti áyọ́ọ̀nù bá sì tan pọ̀, òpó méjì á tẹ̀, ọ̀kan á dúró. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé kì í dúró síbì kan. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe ní àdúgbò: tí féèsì ilé mi bá lọ sílẹ̀, mo ń ránṣẹ́ pe oníná kó wá gbé mi lọ sórí èyí tó mọ́lẹ̀ jù. Bí ilé ogún bá ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù kan, òpó tó dára á di èyí tó tẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kọ ọ́ sọ́kàn pé pupa ni. Lónìí ni ó jẹ́ pupa.

A ti kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń pín iná. Wọ́n wá lóòótọ́, ní aago méjìlá ọ̀sán, wọ́n wọ̀n ọ́, wọ́n rí 412, 409 àti 407, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe iná. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa aago méjìlá ọ̀sán. Ẹ̀dà lẹ́tà kejì wà nínú fáìlì aláwọ̀ ewé, mo ti bẹ̀ wọ́n níbẹ̀ kí wọ́n wá ní aago mẹ́jọ alẹ́, mo sì so ìwọ̀n alaalẹ́ mọ́ ọn. Ìbéèrè pé kí wọ́n fún ibùdó ní tiransifọ́mà tirẹ̀ ti wà lọ́fíìsì àgbà, kò tíì sí èsì. Ẹ máa wọ̀n, ẹ máa kọ ọ́, ìwé yẹn nìkan ni ẹ̀rí tí a ní.

Kí ìyẹn tó yanjú, báyìí la ṣe ń gbé e. Láti aago mọ́kànlá alẹ́ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣí fáàfù pátápátá, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ fi kíláńpù mítà wọn òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa wo èyí tó ga jù. Àárín wọn kò já mọ́ nǹkan níbí, òpó tó ga jù ló ń jó mọ́tọ̀. Bó bá ti kọjá 134, ẹ rọra ti fáàfù ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà jáde pa títí yóò fi padà sísàlẹ̀. Lálẹ́ tó bá burú, géèjì á sún mọ́ báà 6.1, omi á sì dín sí nǹkan bí kúbíìkì mítà 270. Omi ìlú ń dínkù nìyẹn, lítà 80,000 ní wákàtí kan, bíi tánkà onílítà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mẹ́jọ. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí pọ́ǹpù kejì dúró pátápátá. Nígbà tí fóòtì bá fi ìdá 3.7 ṣàìdọ́gba, ìdá 84 nínú agbára mọ́tọ̀ ni a lè gbára lé, nǹkan bíi kílówáàtì 63. Títi fáàfù pa ló ń mú ẹrù náà wá síbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ lè gbé e, fóòtì rẹ̀ sì dọ́gba, àmọ́ dísù tí wọ́n ń fún wa kò tó fún gbogbo alẹ́. Ẹ fi í pamọ́ fún ìgbà tí tánkì ìlú bá ti lọ sísàlẹ̀ gan-an.

Mo ti fi rílèè aṣọ́féèsì sí ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì, àpótí kékeré tó ní iná ewé méjì. Ìdá 5 ni mo yí i sí, ó ń dúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó pa mọ́tọ̀, kí ìfò kékeré inú iná má baà máa yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ìyàtọ̀ bá dé ìdá 5, kò yẹ kí mọ́tọ̀ máa ṣiṣẹ́ rárá, fáàfù ò lè gbà á là. Ó tún ń pa á lójú ẹsẹ̀ bí òpó kan bá kú pátápátá, torí fíúùsì kan tó bá fò ní tiransifọ́mà lè jó mọ́tọ̀ yìí kí ofalóòdù tó mọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ pé ó ti pa mọ́tọ̀, kó wo iná tó kú lára àpótí náà kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Bí ofalóòdù bá sì já, ẹ má sáré tẹ bọ́tìnì. Irin inú rílèè máa ń tutù kíákíá, wáyà inú mọ́tọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní ìdajì wákàtí, ẹ kọ aago, fóòtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti géèjì sílẹ̀, ẹ tan án lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún já, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí pọ́ǹpù kìíní máa gbé ìlú.

Mẹ́gà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, bátìrì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ìparí rẹ̀ ni mo máa ń wọn mọ́tọ̀, láàárọ̀, kó tó gbóná. Bó bá ti wá sí 10, ẹ pe ọ̀gá oníná, ẹ má dúró de 5. Lọ́ọ̀gì aláwọ̀ méjì mẹ́rin ló kù nínú páànù funfun, pẹ̀lú gírísì rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ súwíìsì ńlá, ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, èkejì wà lọ́wọ́ bàbá tó ń ṣọ́ géètì. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni tí kò bá mú ìwé ìyọ̀ǹda wá.